Ohùn Ta Ni? Asọ̀tàn àti Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò nínú Ìwé Eré Sinimá Ìlera fún Àwọn Ará Ìgbèríko

Ìfáárà

Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò nínú bébà yìí kò ju ọ̀kan lọ: nígbà tí ẹgbẹ́ aláàánú kan bá ní kí a kọ ìwé eré sinimá tí yóò la àwọn ará oko lọ́yẹ̀ nípa àrùn kan, ta ni ó yẹ kí ó sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, níbo ni ó sì yẹ kí onítọ̀hún ti dákẹ́? Ohùn méjì ni irú sinimá bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ní. Èkíní ni ohùn asọ̀tàn, ẹni tí a ń gbọ́ ṣùgbọ́n tí a kì í rí, tí ó ń ṣàlàyé àwòrán fún wa. Èkejì ni ohùn àwọn tí a fi ọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò, tí a ń rí ojú wọn bí wọ́n ti ń ròyìn ohun tí ó dé bá wọn. Èrò tiwa ni pé asọ̀tàn kò gbọdọ̀ sọ ju ohun tí ará abúlé kò lè fi ojú ara rẹ̀ rí, tí kò sì lè fi ìrírí ara rẹ̀ mọ̀. Gbogbo ìyókù, ẹnu àwọn ará abúlé fúnra wọn ni ó yẹ kí ó ti jáde.

A ó kọ́kọ́ wo bí ohùn asọ̀tàn ṣe gba gbogbo ilẹ̀ ní Nàìjíríà láti ayé ìjọba amúnisìn. Lẹ́yìn náà ni a ó mú àrùn sòbìyà ní agbègbè Ìbàràpá gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, kí a sì tẹ̀ lé kíkọ irú ìwé eré bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Sòbìyà ni a yàn nítorí pé ó ṣòro láti fi àwòrán ṣàlàyé: ohun tí ó ń fà á kéré ju ohun tí ojú ń tètè rí lọ, ọdún kan gbáko ni ó sì wà láàrin ìgbà tí ó wọ inú ènìyàn àti ìgbà tí ó yọ.

Sinimá ìlera láyé ìjọba amúnisìn

Èkó ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1924 ni àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń kó ran ènìyàn bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀. William Sellers jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ìjọba, àwọn tí ọmọ-abẹ́ wọn ń wọ ilé onílé kiri tí àwọn bàbá wa fi ń pè wọ́n ní wolé-wolé. Sellers rí i pé ìkéde àti òfin nìkan kò tó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi kámẹ́rà ya bí a ti ń gbógun ti eku àti ìdọ̀tí ní Èkó, ó ń gbé àwòrán náà káàkiri fún àwọn ènìyàn láti wò. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá Ẹ̀ka Sinimá fún Àwọn Ilẹ̀ Amúnisìn sílẹ̀ ní ọdún 1939, òun ni wọ́n fi ṣe olórí iṣẹ́ náà. Ẹ̀ka yìí wà títí di ọdún 1955.

Sellers ní òfin tirẹ̀ nípa bí a ti ń kọ ìwé eré fún àwọn tí kò mọ̀wé. Ó ní kí sinimá kan má ṣe ní ju ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú. Ó ní kí àwòrán pẹ́ lójú kí a tó yí i padà. Bí ènìyàn bá kúrò ní ilé tí ó sì dé ọjà, kí a fi í hàn lójú ọ̀nà, kí òǹwòran má baà rò pé ẹlòmíràn ni. Kí a má sì ṣe ṣàdédé sọ ohun kékeré di ńlá lójú wọn. Ìdí tí ó fi gbé òfin wọ̀nyí kalẹ̀ ni pé, lójú tirẹ̀, ojú ará oko kò tíì mọ àwòrán kà.

Ìtàn méjì ni wọn fi ń ti èrò yìí lẹ́yìn, a sì ń sọ wọ́n títí di òní. Àkọ́kọ́ ni ti ẹ̀fọn. Wọ́n ní a fi àwòrán ẹ̀fọn tí a sọ di ńlá hàn ní abúlé kan, àwọn ará ibẹ̀ sì mí kanlẹ̀, wọ́n ní a dúpẹ́ pé ẹ̀fọn tiwa kò tóbi tó báyìí. Èkejì ni ti adìyẹ, èyí tí John Wilson kọ sílẹ̀ ní ọdún 1961, tí Marshall McLuhan sì tún gbé jáde nínú ìwé rẹ̀ ní ọdún 1962. Wolé-wolé kan ṣe fíìmù tí ó tó ìṣẹ́jú 5 nípa bí a ti ń da omi tí ó dárogún síta kí ẹ̀fọn má baà pamọ sí i. A fi í han àwọn ènìyàn tí ó lé ní 30. Nígbà tí a bi wọ́n ní ohun tí wọ́n rí, wọ́n ní adìyẹ ni àwọn rí. Àwọn tí ó ṣe fíìmù náà kò tilẹ̀ mọ̀ pé adìyẹ wà níbẹ̀. Wọ́n ní láti tún un wò fínnífínní kí wọ́n tó rí i tí adìyẹ kan fò kọjá ní igun àwòrán fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ojú tí a fi ń wo ìtàn méjèèjì yìí kò tẹ́ wa lọ́rùn. Ẹni tí ó bá rí adìyẹ tí ó fò kọjá láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan, ojú rẹ̀ kò ṣe aláìríran. Ẹni tí ó ṣe fíìmù gan-an ni kò rí i. Ẹni tí ó sì ní ẹ̀fọn tiwa kò tóbi tó bẹ́ẹ̀, bóyá ó ń fi òyìnbó ṣe yẹ̀yẹ́ ni, bóyá ó sì ń sọ òótọ́ ọ̀rọ̀, nítorí kò sí ẹnikẹ́ni nínú fíìmù náà tí ó sọ fún un pé ẹ̀fọn tiwọn náà ni a sọ di ńlá. Ọ̀rọ̀ ni ó kù síbẹ̀, kì í ṣe ojú. Peter Morton-Williams, ẹni tí ó ṣe ìwádìí nípa sinimá ní ìgbèríko Nàìjíríà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, fi hàn pé bí ọ̀ràn inú fíìmù bá ti sún mọ́ ìgbé ayé àwọn òǹwòran sí ni wọ́n ń lóye rẹ̀ sí. Ọgbọ́n kámẹ́rà kò dí wọn lọ́wọ́ tó bí Sellers ti rò.

Ohun kan wà nínú ètò Sellers tí ó yẹ kí a yìn, àmọ́ kì í ṣe òun ni ó ń yangàn nípa rẹ̀. Púpọ̀ nínú fíìmù ìgbà náà kò ní ohùn, tàbí kí ó jẹ́ pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a sọ sínú wọn. Nítorí náà, bí ọkọ̀ sinimá bá dé abúlé tí wọ́n sì ta aṣọ funfun, ọmọ ilẹ̀ wa kan ni yóò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ pẹ̀lú gbohùngbohùn lọ́wọ́, tí yóò máa túmọ̀ ohun tí ó ń lọ. Ẹni yìí lè pe àrùn ní orúkọ tí wọ́n ń pè é ní abúlé náà. Bí àwọn òǹwòran bá sì pariwo, ó lè tún ọ̀rọ̀ sọ. Nígbà tí a wá bẹ̀rẹ̀ sí í gba ohùn asọ̀tàn sára fíìmù tààrà, a jèrè pé ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo abúlé yóò gbọ́, ṣùgbọ́n a pàdánù ẹni tí ó lè dá òǹwòran lóhùn. Asọ̀tàn tuntun kò gbọ́ ẹnikẹ́ni, ó kàn ń pàṣẹ ni: ẹ se omi, ẹ gbálẹ̀, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn.

Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ni ó yẹ kí ó dí àyè yẹn. Kì í sì í ṣe pé a kò tíì mọ̀ ọ́n lò nígbà náà. Ní ọdún 1935, Arthur Elton àti Edgar Anstey ti ṣe fíìmù kan nípa ilé gbígbé ní Lọ́ńdọ̀nù, nínú èyí tí àwọn tálákà dúró sínú yàrá wọn, tí wọ́n sì fi ẹnu ara wọn sọ nípa eku àti ìdun tí ó ń dà wọ́n láàmú. Ẹ̀rọ ni kò jẹ́ kí èyí tètè dé oko wa. Ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ ìgbà náà wúwo, iná mànàmáná ni ó sì ń jẹ. Àárín ọdún 1958 sí 1960 ni ẹ̀rọ tí ẹnì kan lè fi kọ́ èjìká, tí ó sì ń bá kámẹ́rà rìn dọ́gbadọ́gba, bẹ̀rẹ̀ sí í tàn kálẹ̀. Síbẹ̀, lẹ́yìn tí ẹ̀rọ ti dé, àṣà kíkọ ọ̀rọ̀ asọ̀tàn sílẹ̀ ní ọ́fíìsì kí a tó dé abúlé rárá kò kúrò nílẹ̀.

Sòbìyà ní Ìbàràpá

Àwọn olùwádìí ìlera láti Yunifásítì Ìbàdàn ṣiṣẹ́ fún ìgbà pípẹ́ ní Ìdèrè, ní agbègbè Ìbàràpá, ní àwọn ọdún 1970 àti 1980. Ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ ni pé àwọn ará ìlú ka sòbìyà sí ohun tí ó ti wà nínú ara olúkúlùkù láti ìgbà tí a ti bí i, tí ó sì ń yọ nígbà tí ara bá fẹ́. Èrò yìí kò ṣàjèjì sí ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá. Òwe wa tilẹ̀ sọ pé bí sòbìyà bá ń degbò, olúgànbe ni à ń ké pè. Òwe náà mọ egbò, ó sì mọ ewé tí a ń fi wò ó, ṣùgbọ́n kò sọ ibi tí ó ti wá.

Omi ni ó ti wá. Ẹni tí sòbìyà ń yọ lẹ́sẹ̀ a máa gbóná níbẹ̀ bí ẹni tí iná jó. Bí ó bá ti ẹsẹ̀ bọ odò kí ó lè tù ú, aràn náà a pọ ọmọ rẹ̀ sínú omi. Kòkòrò omi kékeré kan a gbé àwọn ọmọ náà mì. Ẹni tí ó bá bu omi yẹn mu ti mu kòkòrò náà, nínú ara rẹ̀ ni aràn yóò sì ti dàgbà fún nǹkan bí ọdún kan, títí gígùn rẹ̀ yóò fi tó mítà 1, kí ó tó wá ọ̀nà jáde. Kò sí oògùn tí ń pa á, kò sì sí abẹ́rẹ́ àjẹsára tí ń dènà rẹ̀. Ohun tí ó wà ni kí a fi aṣọ tí ojú rẹ̀ há sẹ́ omi kí a tó mu ún, àti kí ẹni tí ó ń yọ lára rẹ̀ má ṣe wọ odò. Nígbà tí a ka àwọn aláìsàn ní gbogbo Nàìjíríà láàrin ọdún 1988 sí 1989, wọ́n lé ní 650,000. Ìgbà yẹn ni ẹgbẹ́ aláàánú ti Jimmy Carter, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà kan rí, wá bá ìjọba ilẹ̀ wa ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀.

Kíkọ ìwé eré náà

Ẹ jẹ́ kí a wá rò ó pé a gbé iṣẹ́ fún wa ní ọdún 1989, pé kí a kọ ìwé eré fíìmù ìṣẹ́jú 20 fún àwọn abúlé Ìbàràpá. Àpẹẹrẹ tí a ó lò yìí, àwa ni a ṣẹ̀dá rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ lè yé ni. Kò sí ẹni tí ó sọ àwọn gbólóhùn inú rẹ̀ ní ti gidi.

Ohun àkọ́kọ́ ni pé a kì í kọ ọ̀rọ̀ asọ̀tàn ṣáájú. Ìbéèrè ni a ń kọ lọ sí oko. Ìbéèrè náà kò gbọdọ̀ jẹ́ èyí tí a lè fi bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ dáhùn. Bí a bá bi àgbẹ̀ pé, ‘Ṣé sòbìyà ń dùn yín?’ bẹ́ẹ̀ ni ni yóò wí, ọ̀rọ̀ sì tán. Ṣùgbọ́n bí a bá ní, ‘Bàbá, ẹ sọ bí àná ṣe rí fún yín láti òwúrọ̀,’ ìtàn ni yóò sọ. A ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó máa fi orúkọ pe ohun tí ó ń sọ, nítorí a ó yọ ohùn ẹni tí ó béèrè kúrò. Bí ó bá ní ‘Ó ti pé oṣù kan,’ òǹwòran kò ní mọ ohun tí ó pé oṣù kan.

Bí a bá padà dé, a ó da gbogbo ọ̀rọ̀ náà kọ sórí ìwé bí ó ti jáde lẹ́nu wọn, ní ẹ̀ka èdè wọn, láìtún un ṣe sí Yorùbá ilé ìwé. Ẹni tí ó bá tún un ṣe níbi yìí yóò rò pé òun ń mú kí ó dán ni, ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá tó àkókò láti yan gbólóhùn, kò ní rí ìró ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú ohùn gan-an mọ́. Lẹ́yìn èyí ni a ó fi sísọ́ọ̀sì gé ìwé náà sí wẹ́wẹ́, ìdáhùn kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, a ó tò ó sílẹ̀, a ó sì máa tún un tò títí ìtàn yóò fi jáde láìsí asọ̀tàn. Ibi tí ìtàn bá ti já, tí kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú wọn tí ó lè so ó, ibẹ̀ nìkan ni asọ̀tàn ní iṣẹ́ sí. Nínú ìwé eré gan-an, a ó la ojú ewé sí méjì: àwòrán ní apá òsì, ohùn ní apá ọ̀tún.

Ibi méjì péré ni ìtàn sòbìyà ti ń já. Èkíní ni ọdún kan tí ó wà láàrin mímu àti yíyọ. Kò sí bí àgbẹ̀ ṣe lè fi ìrírí ara rẹ̀ so omi èṣí mọ́ egbò ọdún yìí. Asọ̀tàn ni yóò so ó, ṣùgbọ́n kí ó má fi oṣù òyìnbó kà á. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí omi bá fà, ni sòbìyà ń yọ jù ní ìhà wa, nítorí náà ọyẹ́ ni a ó fi ka ọdún:

Àwòrán: Àgbẹ̀ kan jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, ó na ẹsẹ̀ kan. Ọkọ́ rẹ̀ wà lára ògiri.
Àgbẹ̀: ‘Ọjọ́ kẹtàdínlógún rèé tí mi ò fẹsẹ̀ kan oko. Àwọn tá a jọ ṣánlẹ̀ ti ń kọ ebè. Ìyàwó mi ló ń wá iṣu tá à ń jẹ.’
Àwòrán: Odò kékeré kan lẹ́bàá ọ̀nà oko. Igbá kan wà létí rẹ̀.
Àgbẹ̀: ‘Nígbà ọyẹ́ èṣí, kànga gbẹ. Odò ọ̀nà oko là ń mu. Bí òùngbẹ bá ti gbẹ mí, màá fi igbá bù ú mu lójú ẹsẹ̀ ni.’
Asọ̀tàn: ‘Omi ọyẹ́ èṣí ni ó gbé sòbìyà yìí wọlé. Ọdún kan ni ó fi dàgbà kí ó tó yọ.’

Gbólóhùn méjì péré ni asọ̀tàn sọ. Lẹ́yìn wọn, a ó fi àwòrán odò náà sílẹ̀ láìsí ọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú àáyá 10, kí ẹni tí ó ń wò lè ronú kan odò tirẹ̀. Ẹni tí ó bá kọ́ iṣẹ́ yìí lára rédíò kì í fẹ́ kí ohùn dákẹ́, àyè yìí gan-an ni yóò sì fẹ́ fi ìmọ̀ràn kún. Tiwa ni pé nínú ìṣẹ́jú 20, bí ohùn asọ̀tàn bá ti kọjá ìṣẹ́jú 5, kí a padà lọ wo ìwé wa.

Ibi kejì tí ìtàn ti já ni kòkòrò omi, ọ̀ràn ẹ̀fọn ńlá sì tún padà dé níbí. A kì í fo láti odò bọ́ sórí kòkòrò tí ó tóbi bí ewúrẹ́. A ó kọ́kọ́ bu omi odò náà sínú ife tí ó mọ́lẹ̀, a ó gbé e sí ojú oòrùn, nítorí ojú lásán lè rí kòkòrò náà bí èérún funfun tí ń ta pọ́ún pọ́ún. Àtàǹpàkò ẹni tí ó gbé ife náà yóò wà nínú àwòrán kí òǹwòran lè fi wọn bí ó ti kéré tó. Lẹ́yìn náà ni obìnrin kan ní abúlé yóò tẹjú mọ́ awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá, ìgbà yẹn ni a ó tó fi ohun tí ó rí hàn. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò sọ ọ́: ‘Èyí tó ń ta nínú ife lẹ́ẹ̀kan nìyí. Ó ní ìrù.’ Asọ̀tàn kò sọ ju pé inú kòkòrò yìí ni ọmọ sòbìyà ń gbé.

Aṣọ ìsẹ́mi kò fẹ́ asọ̀tàn rárá. Télọ̀ tí ó ń rán an ni yóò ṣàlàyé, yóò sì fi ọwọ́ ṣe é. Ohun kan wà tí kò gbọdọ̀ fò: ojú aṣọ tí ó wà lókè lánàá ni ó gbọdọ̀ wà lókè lónìí. Bí a bá yí i padà, gbogbo kòkòrò tí aṣọ ti mú ni omi yóò fọ̀ sínú ìkòkò. Kí télọ̀ fi òwú pupa sàmì sí ojú òkè níṣojú kámẹ́rà.

Ohun tí ó ṣòro jù ni ọ̀rọ̀ àgbà. Kò sí bí a ṣe máa fi ọ̀rọ̀ wá àwọn ènìyàn lẹ́nu wò ní Ìdèrè tí bàbá kan kò ní sọ pé inú ẹ̀jẹ̀ ni sòbìyà wà láti ilẹ̀. Bí a bá gé e kúrò, àwọn òǹwòran yóò mọ̀ pé a kò béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ó yẹ kí a béèrè lọ́wọ́ wọn. Bí a bá fi í sílẹ̀ tí asọ̀tàn sì dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀ pé irọ́ ni, ọmọdé aláìrí-ojú ni ó bá àgbà jiyàn lójú gbogbo ayé, wọn yóò sì gba ti àgbà. Ọ̀nà tí a rí ni kí a bi bàbá náà ní ohun tí ó mọ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ: agbo ilé wo ni sòbìyà ti ń pọ̀ jù, ìgbà wo, odò wo ni agbo ilé náà ń mu. Ìdáhùn rẹ̀ yóò tọ́ sí odò fúnra rẹ̀. A ó jẹ́ kí ó sọ ti ẹ̀jẹ̀ náà pẹ̀lú, nítorí èrò rẹ̀ ni, lẹ́yìn náà ni a ó gbé àgbà mìíràn jáde tí ó ti ń sẹ́ omi fún ọdún méjì tí kò sì sí ẹni tí ó dùbúlẹ̀ ní ilé rẹ̀. Àgbà ni ó ń dá àgbà lóhùn. Asọ̀tàn dákẹ́.

Ó sì ku ti ẹni tí ó ti ẹsẹ̀ bọ odò. Òun ni aláìsàn, òun náà ni ó kó àrùn sínú omi gbogbo ìlú. Ẹgbẹ́ aláàánú a máa fẹ́ egbò rẹ̀ ní àwòrán ńlá, nítorí àwòrán egbò ni ó ń mú kí àwọn olówó òkè òkun tọwọ́ bọ àpò. Ṣùgbọ́n ọjà kan náà ni àwọn abúlé Ìbàràpá jọ ń ná. Ẹni tí a bá fi ojú rẹ̀ hàn ní Ìdèrè, wọn yóò dá a mọ̀ ní Igbó-Ọrà. Fíìmù ti àwọn olówó àti fíìmù ti àwọn ará oko kò lè jẹ́ ọ̀kan. Nínú ti oko, ẹsẹ̀ àti omi ni a ó rí, ohùn rẹ̀ ni a ó gbọ́, a kò ní í rí ojú rẹ̀ àfi bí òun bá wo fíìmù náà tán tí ó sì gbà.

Bí a ti ń mọ̀ pé ìwé eré kò dára

Bí a bá fi fíìmù hàn tí a sì béèrè pé, ‘Ṣé ó yé yín?’ gbogbo ènìyàn yóò ní ó yé àwọn, nítorí ọmọlúàbí ni wọ́n. Ohun tí ó dára ni kí a gbé e lọ sí abúlé mìíràn kí a tó gé e tán, kí a sì bẹ ẹnì kan tí ó wò ó pé kí ó lọ sọ ìtàn rẹ̀ fún ẹnì kan tí kò sí níbẹ̀. A ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, a ó gbọ́. Bí ó bá ní, ‘Wọ́n ní a jẹ́ ọ̀bùn,’ ohùn asọ̀tàn ti pọ̀ jù. Bí ó bá sọ ti egbò àti ti aṣọ ṣùgbọ́n tí kò mẹ́nu kan ọyẹ́ èṣí, ọdún kan náà kò tíì so. Bí ó bá sì ní adìyẹ ni òun rí, kí a lọ wo fíìmù náà lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí ó ṣeé ṣe kí adìyẹ wà níbẹ̀.

Oṣù kọkànlá ọdún 2008 ni ẹni tí ó ní sòbìyà kẹ́yìn ní Nàìjíríà ní in, ní Ìpínlẹ̀ Enúgu, ọdún 2013 sì ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ọwọ́ sí i pé ó ti kúrò ní ilẹ̀ wa. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí àwọn ará Ìbàràpá ti ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ nígbà tí ó ń yọ lẹ́sẹ̀ wọn kò ní rí i nínú ọ̀rọ̀ asọ̀tàn kankan. Inú àwọn téèpù ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ni yóò ti wá a, pàápàá nínú apá tí a gé kúrò.